Kí wọ́n tó la títì tàbí kọ́ ilé gogoro sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò àtijọ́: bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò ipa lórí ogún ìṣẹ̀ǹbáyé, àti ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀

Lọ́dún 2004 ni UNESCO fi àfonífojì odò Elbe nílùú Dresden, ní Jámánì, sínú ìwé ogún àgbáyé, nǹkan bíi kìlómítà 18 etí odò, pẹ̀lú pápá koríko gbalasa tí wọn ò kọ́lé sí, àwọn ilé ọlọ́lá lórí òkè, àti ṣóńṣó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó ń yọ lókèèrè. Lọ́dún 2006 wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu, nígbà tó fi máa di 2009 wọ́n ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Afárá kan ló fa gbogbo ẹ̀, Waldschlößchenbrücke lorúkọ ẹ̀, afárá oníléènì mẹ́rin tó gùn ní mítà 636. Kì í ṣe pé wọ́n yọ́ afárá náà kọ́ o, ó ti wà nínú ètò ìlú tipẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àyẹ̀wò tòótọ́ lórí nǹkan tó máa ṣe sí iyì ibẹ̀, ọdún 2006 ni wọ́n tó ṣe é, lẹ́yìn tí ibi tó máa wà, bó ṣe máa rí, àti ìbò ará ìlú ti dúró digbí.

Nítorí náà tí fáìlì títì tuntun tàbí ilé àwòṣífìlà bá délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò àtijọ́ yín, yálà ẹ wà nínú ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹ jẹ́ ayàwòrán ilé, tàbí ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì ìjọba, bí àyẹ̀wò náà ṣe yẹ kó lọ rèé, Dresden la sì máa mú ṣe àpẹẹrẹ jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí gan-an

Ìgbà tí ìlà orí máàpù ṣì lè yí ni àyẹ̀wò máa ń wúlò. Tí wọ́n bá ti fún kọ́ńtírákítọ̀ níṣẹ́, tí wọ́n ti sanwó ilẹ̀, rípọ́ọ̀tù tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn á kàn máa wá àwíjàre ni. Òfin tí UNESCO fi ń ṣètò ogún àgbáyé sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ 172 pé kí ìjọba tètè fi iṣẹ́ ńlá tó ó, kó tó di pé wọ́n ṣe ìpinnu tó máa ṣòro láti yí padà. Ìpínrọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí tí ibi tí ẹ ń sọ bá wà nínú ìwé UNESCO.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí ni mímọ ibi tí iṣẹ́ náà máa wà gan-an. Ní Dresden, nínú ìwé tí ICOMOS, àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ nípa ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, kọ lọ́dún 2004 láti gba UNESCO nímọ̀ràn, wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ afárá tuntun kan síbi tó jìn tó kìlómítà 5 sí àárín ìlú, ní ìsàlẹ̀ odò. Afárá tí wọ́n fẹ́ kọ́ sì wà lókè odò, ní ibi tí odò Elbe ti ṣe kọ̀rọ̀ ńlá láàárín pápá koríko, kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí àárín ìlú. Ẹ wò ó, ìmọ̀ràn tó yẹ kó dáàbò bo ibẹ̀, ibòmíì ló ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Torí náà kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan, ẹ gba nọ́ńbà ibùdó gangan, ìyẹn ti ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin títì tàbí ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé, ẹ gba gíga ilẹ̀ níbi tí ìpìlẹ̀ máa wà, ẹ gba gíga ilé títí kan yàrá ẹ̀rọ ẹlifétọ̀ àti òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lókè òrùlé, ẹ wá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ pẹ̀lú máàpù lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní ilé náà ga ní mítà 60, ẹ bi wọ́n pé láti ibo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, ṣé látilẹ̀ títì ni àbí látorí pèpéle tí wọ́n máa kọ́kọ́ mọ, torí mítà 8 lè sá pamọ́ síbẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992 ló ń ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún iṣẹ́ ńlá, àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ìjọba àpapọ̀ sì ní òfin tiẹ̀ láti 1979. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé àyẹ̀wò àyíká ti kó ti ogún mọ́ra. Eruku, ariwo, igi àti omi ni wọ́n máa ń wọ̀n nínú ìyẹn, ti ogún kì í sì í ju ojú ewé díẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Ẹ má sì fọkàn lé pé ilé kan ti wà nínú ìwé ìjọba: Ìlójó Bar tó wà ní Erékùṣù Èkó, ilé àwọn Àgùdà, ọdún 1956 ni ìjọba ti kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n ṣì wó o palẹ̀ ní Sẹ́tẹ́ḿbà 2016.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ohun tó gbé iyì ibẹ̀ ró sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká lo àkókò wa síbì kan, ibí ni. Rípọ́ọ̀tù tó bá ṣe ibí yìí dáadáa, ó ṣòro kí ìyókù ẹ̀ bàjẹ́. Èyí tó bá fi ẹsẹ̀ kan kọjá níbẹ̀, kò sí fọ́tò tàbí tébù tó máa gbà á là.

Gbogbo ibi tó wà nínú ìwé UNESCO ló ní àlàyé tó sọ ìdí tí wọ́n fi mú un. Ibi tí kò sí nínú ìwé yẹn, ẹ wá àlàyé tí ìjọba kọ nígbà tí wọ́n kéde ẹ̀, tí kò bá sí, ẹ máa kọ ọ́ fúnra yín pẹ̀lú àwọn tó mọ ìtàn ibẹ̀. Ẹ wá fọ́ àlàyé yẹn sí wẹ́wẹ́ sínú tébù kan títí ẹ fi máa ní àwọn nǹkan tí èèyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí, tó lè ya fọ́tò ẹ̀, tàbí tó lè sọ ọjọ́ àti ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀. "Ẹwà ìlú" kò tó. Kò sẹ́ni tó lè wọn bí títì ṣe ba ẹwà ìlú jẹ́.

Ẹ jẹ́ n fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣàlàyé, torí púpọ̀ nínú wa ló mọ̀ ọ́n. Ọdún 2005 ló wọ ìwé UNESCO, hẹ́kítà 75 ni. Àlàyé ibẹ̀ kò dúró sórí igbó, ó ka ojúbọ, ère àti iṣẹ́ ọnà 40, ààfin méjì, ibi mímọ́ márùn-ún, àti ojú ìbọ mẹ́sàn-án lẹ́bàá odò tó ní àwọn àwòrò tiẹ̀. Ká ní ẹnì kan fẹ́ la títì sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó yẹn, tó wá kọ "igbó mímọ́" nìkan sínú tébù ẹ̀, igi tí wọ́n máa gé ló máa kà, á ní igi ò ju mélòó kan lọ, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n tó bá kọ ọ̀nà tí Arugbá ń gbà lọ sódò sílẹ̀, tó kọ omi odò tí àwọn èèyàn ń bù mu tí wọ́n sì fi ń gbàdúrà sílẹ̀, tó kọ ìdákẹ́jẹ́ ojúbọ kan àti àyè tí àwòrò fi ń dé ibẹ̀ nígbàkigbà, nígbà náà ló máa rí i pé ariwo ọkọ̀, ọ̀dà tó ń ṣàn wọ odò nígbà òjò, àti ọgbà tí wọ́n fi dí ọ̀nà ẹsẹ̀, ipa ni gbogbo wọn, tí igi kan ò bá tiẹ̀ wó.

Ní Dresden, tí mo bá ní kí n to tébù náà, ohun tó máa wà níbẹ̀ ni: pápá koríko etí odò tó ṣí láti ìgbà pípẹ́, kọ̀rọ̀ odò náà tí ojú lè rí lódindi láti ẹ̀gbẹ́ òkè, ìríran látorí òkè lọ sí àwọn ṣóńṣó ìlú àtijọ́, àwọn ilé ọlọ́lá àti ọgbà wọn, ọwọ́ àwọn afárá tó tò tẹ̀ léra wọn títí kan Blaues Wunder tí wọ́n parí ní 1893, àti ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tó ṣì ń kó èrò. Ẹ̀yìn èyí ni kẹ́ ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé báwo ló ṣe wà báyìí, kí ló ti ń bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀, àti ta ló ń lò ó. Fún apá tó kẹ́yìn yẹn, ẹ lọ bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, àgbà ọkùnrin àti obìnrin, oníṣòwò, baálé, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín rìn ká, torí ohun tí wọ́n bá fi hàn yín lójú ọ̀nà máa ń pọ̀ ju èyí tí wọ́n máa sọ nínú ìpàdé gbọ̀ngàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: báwo ni àyẹ̀wò ṣe máa jìnnà tó?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi ààlà àdúgbò àtijọ́ ṣe ààlà àyẹ̀wò. Ìlú Cologne ló kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kàtídírà wọn ga ní mítà 157, ọdún 1996 ló wọ ìwé UNESCO. Òdìkejì odò Rhine, ní Deutz, ni wọ́n ti fẹ́ to àwọn ilé gogoro, kò sì sí agbègbè ààbò kankan ní apá odò yẹn. Lọ́dún 2004 Kàtídírà wọ àkọsílẹ̀ ewu. Èyí tó ti ń lọ lọ́wọ́ nínú àwọn ilé náà, KölnTriangle tó ga ní mítà 103, wọ́n parí ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú náà yí ètò àwọn ilé yòókù padà, wọ́n sì fa agbègbè ààbò dé òdìkejì odò, ni UNESCO bá yọ ọ́ kúrò nínú ewu lọ́dún 2006.

Fún ilé gogoro, ibi tí ojú lè ti rí i ló máa sọ bí àyẹ̀wò ṣe máa fẹ̀ tó. GDAL, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, lè ṣe máàpù ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní fáìlì gíga ilẹ̀ tó ka òrùlé àti igi mọ́ ọn. Bí àpẹẹrẹ, fún ilé tó ga ní mítà 66, títí dé kìlómítà 8:

```
gdal_viewshed -ox 512300 -oy 721450 -oz 66 -tz 1.6 -md 8000 dsm.tif ihan.tif
```

Nọ́ńbà `-ox` àti `-oy` ni ibùdó ilé náà (mo kàn fi nọ́ńbà síbẹ̀ ni, ẹ fi tiyín rọ́pò ẹ̀), `-oz` ni gíga ẹ̀, `-tz` ni gíga ojú ẹni tó dúró sílẹ̀. Ohun kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ níbí: torí pé òrùlé àti igi wà nínú fáìlì náà, kọ̀ǹpútà á gbà pé ẹni tó ń wò dúró sórí òrùlé, á wá kun orí ilé gbogbo bíi pé wọ́n ń rí i níbẹ̀. Ẹ yọ orí òrùlé àti orí igi kúrò nínú àbájáde, kó ku títì, gbàgede, etí odò àti àwọn ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ń tẹ̀ gan-an. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ilẹ̀ lásán láìsí igi, torí igi lè kú tàbí kí wọ́n gé e lọ́la.

Fún títì ńkọ́? Ojú nìkan kọ́. Ẹ tẹ̀ lé ọkọ̀. Tí títì tuntun bá máa já ọkọ̀ sẹ́nu àdúgbò, ibo ni wọ́n máa yà sí tí gosílóò bá wà? Àwọn ọ̀nà tóóró tí wọ́n máa gbà yẹn wà nínú àyẹ̀wò, kódà tó bá jìnnà sí títì náà ní kìlómítà kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú ìwòran àti fọ́tò tí kò purọ́

Ẹ kọ́kọ́ jọ fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n máa ti ya fọ́tò, kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí àbájáde ṣe máa rí. Inú tébù ìgbésẹ̀ kejì ni kí ibi wọ̀nyẹn ti wá, ìyẹn ni pé ojú ìwòran kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tó gbé iyì ró tó ń dán wò. Àwọn kan wà tí wọ́n dúró sójú kan, àwọn kan sì wà tí èèyàn ń rìn bọ̀, bíi kéèyàn máa bọ̀ lójú ọ̀nà kan tí ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mínárẹ́ẹ̀tì mọ́sálásí ń yọ díẹ̀díẹ̀. Fún èyí tó ń rìn, ẹ ya fọ́tò bíi márùn-ún tẹ̀ léra, torí ilé tuntun lè fara pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kó wá yọ gannboro lẹ́yìn ṣóńṣó náà láàárín ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni jìbìtì ti máa ń wọlé jù. Pẹ̀lú kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán nínú ẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 36, lẹ́ǹsì mìlímítà 50 ni wọ́n sábà máa ń lò, á kó nǹkan bíi dígírì 40 láti òsì sí ọ̀tún. Tẹ́nì kan bá lo lẹ́ǹsì 24, á kó ibi tó fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà lókèèrè á kéré sí i ju ìlàjì lọ: ilé tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 lórí bébà kò ní tó 5 mọ́. Wọn ò parọ́ gíga ilé o, ó kàn ti dà bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ béèrè lẹ́ǹsì tí wọ́n lò, ẹ sì béèrè bó ṣe yẹ kéèyàn jìnnà sí fọ́tò náà tó bá ń wò ó. Fọ́tò lẹ́ǹsì 50 tí wọ́n tẹ̀ ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 39, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 54 sí ojú ló yẹ kó wà, kó tó bá ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ mu. Rípọ́ọ̀tù tó to fọ́tò mẹ́fà kéékèèké sójú ewé kan ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan.

Kí wọ́n gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní nǹkan bíi mítà 1.6 sílẹ̀, kí wọ́n wọn ibi tó dúró gangan, kí wọ́n sì ní nǹkan mẹ́rin ó kéré tán nínú fọ́tò tí wọ́n mọ ibùdó àti gíga ẹ̀, bí orí ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì tàbí igun òrùlé, kí wọ́n fi lè mú àwòrán ilé tuntun bá fọ́tò náà mu. Ẹ ya ti ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kì í ṣe ti ọjọ́ tí ojú ọ̀run àti kọnkéré jọ ní àwọ̀ eérú kan náà. Níbi tí igi ti ń wọ́wé, ẹ ya ti ìgbà tí ewé ò sí. Ẹ ya ti alẹ́ náà, torí ilé gíláàsì tí iná wà nínú ẹ̀ ní gbogbo àjà máa ń jẹ gàba lórí ibì kan lálẹ́ ju bó ṣe ń ṣe lọ́sàn-án. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń fa àríyànjiyàn, ẹ ní kí wọ́n gbé kéréènì tàbí bàlúùnù sókè dé gíga ilé náà fún ọjọ́ kan, kí gbogbo ìlú jáde wò ó. Mi ò mọ ohun tó ń yanjú àríyànjiyàn kíákíá tó ìyẹn o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tí ojú kò rí

Ilé àtijọ́ lè bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ tí kò tiẹ̀ sí nínú fọ́tò kankan. Ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ ni àkọ́kọ́, látinú gbígbá òpó ìpìlẹ̀ wọlẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ títì. Ìlànà Jámánì kan, DIN 4150-3, tí àwọn ẹnjiníà ń lò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, fi mìlímítà 3 ní sẹ́kọ́ńdì kan ṣe òdiwọ̀n ní ìpìlẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí kò lágbára, nígbà tí ìgbọ̀nrìrì náà bá lọ́ra, ó sì gbà kó ròkè díẹ̀ tó bá yára. Ilé ògiri amọ̀ tàbí bíríkì tí kò ní irin nínú, bí irú èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ ní Pópó Àgùdà, kò ní àyè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà rípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n máa lò, bó ṣe jìnnà sí ilé tó sún mọ́ jù, nọ́ńbà tí wọ́n máa dá iṣẹ́ dúró sí, àti ẹni tí fóònù ẹ̀ máa dún nígbà tí nọ́ńbà yẹn bá kọjá. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo lílà ara ògiri, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí onílé buwọ́ lù ú kó sì gba ẹ̀dà tiẹ̀. Láìsí ìyẹn, tí ògiri bá là, wọ́n á ní ó ti là tẹ́lẹ̀.

Ìkejì ni omi abẹ́ ilẹ̀. Ilé gogoro tó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ máa nílò kí wọ́n fa omi jáde fún oṣù púpọ̀, níbi tí omi bá sì ti sún mọ́ òkè bíi ti Erékùṣù Èkó, ilẹ̀ abẹ́ ilé àwọn aládùúgbò lè jìn nígbà tí omi bá lọ. Ẹ béèrè bí omi á ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó lábẹ́ ilé àtijọ́ tó sún mọ́ jù, àti kànga ìwọ̀n mélòó ni wọ́n máa gbẹ́ síbẹ̀. Títì náà ní tiẹ̀: ojú títì tó ga ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ á sọ gbogbo ilé yẹn di ibi tí omi òjò ń dá sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó wà nínú ilẹ̀ (kí wọ́n gbẹ́ kòtò ìwádìí kí wọ́n tó yan ìpìlẹ̀, kì í ṣe nígbà tí katakata ti débẹ̀), àti owó ilé. Ìyẹn tó kẹ́yìn yìí, wọn kì í fẹ́ kọ ọ́. Ilé àwòṣífìlà kan máa ń gbé owó ilẹ̀ àyíká ẹ̀ lọ sókè, àwọn ayálégbé àti oníṣẹ́ ọwọ́ á kó lọ, ilé àtijọ́ á dúró ṣùgbọ́n àwọn tó ń fún un ní ìtumọ̀ ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì ti gba ìwé àṣẹ fún mítà 66, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ á ní kí wọ́n fún òun ní 80. Kí rípọ́ọ̀tù ka gbogbo iṣẹ́ tó ti gba àṣẹ ní àyíká náà pọ̀ mọ́ra, kó má fi tiẹ̀ nìkan ṣe ìdáwà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí wọ́n ṣe ń wọn ipa

ICOMOS gbé tébù kan jáde lọ́dún 2011 tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò: ẹ̀gbẹ́ kan ni iyì nǹkan, láti èyí tó ga jù lọ dé èyí tí kò tó nǹkan, ẹ̀gbẹ́ kejì ni bí ìyípadà ṣe tó, láti àìsí ìyípadà dé ìyípadà ńlá. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ìwọ̀n ipa. Nǹkan tí iyì ẹ̀ ga jù tó sì gba ìyípadà ńlá, ipa tó tóbi jù ló máa bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Dresden dán an wò. Lọ́dún 2006 àwọn onímọ̀ láti yunifásítì RWTH Aachen ṣe àyẹ̀wò ojú ìwòran afárá náà, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sọ. Wọ́n ní afárá náà ò bá ọwọ́ àwọn afárá ìlú tó wà tẹ́lẹ̀ mu. Wọ́n ní ó dí àwọn ìríran kan tó ní ìtàn, lọ sí ìlú àti sí àfonífojì. Wọ́n tún ní ó gé kọ̀rọ̀ odò náà níbi tó gbẹgẹ́ jù, ó sì pín in sí méjì láìsí àtúnṣe. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tébù tá a tò lókè. Ọwọ́ afárá: mo lè gbà pé ìyípadà àárín ni, torí àwọn afárá yòókù ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Ìríran: ó dá lórí ibi téèyàn dúró, àwọn kan di, àwọn kan ò di, torí náà ẹ máa kọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ kẹ́ ẹ wá mú ìwọ̀n àárín. Kọ̀rọ̀ odò àti pápá koríko: ohun tó jẹ́ kó níyì ni pé ó jẹ́ odindi, ohun tó bá sì pín in sí méjì ti mú ìdí iyì yẹn kúrò, bí afárá náà ì báà tiẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kó sì rẹwà. Ìyẹn nìkan tó láti fi gbogbo rẹ̀ sí ipa tó tóbi jù. Ibí ni àwọn tó ń kọ rípọ́ọ̀tù fún kọ́ńtírákítọ̀ ti máa ń yọ́ ṣe é: wọ́n á ní afárá ò gbà ju ìdá kékeré lọ nínú kìlómítà 18, wọ́n á wá pè é ní ìyípadà díẹ̀. Bí ilẹ̀ tó gbà ṣe fẹ̀ tó kọ́ là ń wọ̀n.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da àǹfààní pọ̀ mọ́ ipa. Pé afárá máa dín gosílóò kù jẹ́ òótọ́ tó yẹ kí àwọn tó ń ṣèpinnu gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n nínú orí tiẹ̀ ló yẹ kó wà, kò lè sọ ipa ńlá di kékeré nínú tébù.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀nà míì, kì í ṣe àwọ̀ míì

Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹra fún ìpalára, tí kò bá ṣeé ṣe kí wọ́n dín in kù, àtúnṣe ló gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ rípọ́ọ̀tù tí mo ti kà ló fò lọ sí ìgbẹ̀yìn: wọ́n á ní àwọn máa kun ilé náà ní àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọn máa gbin igi, àwọn máa gbé páálí ìtàn kan sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí èyí tó ń sọ ilé mítà 66 di 40 nínú wọn.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ ni ọ̀nà míì tí wọ́n yẹ̀ wò dé ìwọ̀n kan náà, títí kan ká má kọ́ nǹkan kan rárá. Ní Dresden, UNESCO àti àwọn ará ìlú kan dábàá kí wọ́n gba abẹ́ odò pẹ̀lú ihò. Ìyẹn ì bá fi kọ̀rọ̀ odò sílẹ̀ lódindi. Ṣùgbọ́n ní Fẹ́búárì 2005, ìbò tí ìlú dì, ìdá 67.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní káwọn kọ́ afárá, ìhò abẹ́ odò ò sì sí nínú ohun tí wọ́n bi wọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ìwé àdéhùn ogún àgbáyé ò lágbára tó láti borí ìbò yẹn nínú òfin ilẹ̀ Jámánì. Ohun tó tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ lọ́dún 2007 ni àdán kékeré kan tí òfin ń dáàbò bò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ọkọ̀ má kọjá kìlómítà 30 ní wákàtí kan lórí afárá náà lálẹ́ ní ìgbà tí àdán ń fò. Ẹ rí i báyìí pé nínú àyẹ̀wò tiyín, orí kan gbọ́dọ̀ wà tó sọ òfin wo ló lè dá iṣẹ́ dúró gan-an, ta ló lè lò ó, àti títí di ọjọ́ wo. Kí àwọn ọ̀nà míì náà ti wà lórí bébà, pẹ̀lú owó wọn, kí ẹnikẹ́ni tó lọ bi ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kíkọ ọ́, àti títẹ̀ lé e

Ẹni tó máa kọ ọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó yàwòrán ilé náà, kódà tó bá jẹ́ pé onílé ló ń sanwó. Kí orúkọ àwọn tó ṣe é àti iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ wà nínú ẹ̀, kí ìwé tí ìjọba fi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò wà lẹ́yìn ẹ̀, kí ojú ewé mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sì sọ ọ́ ní èdè tí ará àdúgbò gbọ́. Kí ìparí ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tààrà: kí wọ́n má kọ́ ọ, kí wọ́n kọ́ ọ tí wọ́n bá dín in kù dé gíga báyìí, tàbí kí wọ́n máa kọ́ ọ lọ. Ìparí tó bá kàn ní "ipa náà ṣeé fara dà" láìsọ fún ta, ẹ dá a padà.

Tí wọ́n bá gbà kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí àwọn àdéhùn wọ inú ìwé àṣẹ fúnra ẹ̀, kì í ṣe inú rípọ́ọ̀tù nìkan, torí rípọ́ọ̀tù ò lè mú ẹnikẹ́ni lọ sí kọ́ọ̀tù. Kí wọ́n kọ gíga tó pọ̀ jù síbẹ̀ pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, òdiwọ̀n ìgbọ̀nrìrì, òdiwọ̀n omi abẹ́ ilẹ̀, àti orúkọ ọ́fíìsì tó lè ní kí iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí ilé bá parí, kí wọ́n padà sí gbogbo ojú ìwòran ìgbésẹ̀ kẹrin, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kan náà àti gíga kan náà, kí wọ́n ya fọ́tò tuntun, kí wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí wọ́n fi gba àṣẹ, kí wọ́n sì jẹ́ kí ará ìlú lè rí méjèèjì, torí àwọn tó máa yẹ ilé gogoro tó kàn wò máa nílò ẹ̀.